Káàṣì Yàtọ̀ sí Àkọsílẹ̀: Ohun Tí Bọ́tìnì Méjì Ń Pa Rẹ́ Gan-an Lórí Fóònù Áńdíróìdì

Bí áàpù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lórí fóònù Áńdíróìdì, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń gbani: "Lọ sí `Settings`, kí o lọ nu áàpù yẹn." Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́tìnì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìbejì, orúkọ wọn sì fẹ́ jọra. Ọ̀kan ń jẹ́ `Clear cache`. Èkejì ń jẹ́ `Clear storage`, àmọ́ lórí fóònù Sámúsọ́ǹgì, `Clear data` ni wọ́n kọ sí i. Tí ẹ bá tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ìkejì, ẹ lè pàdánù ohun tí kò sí níbòmíràn láyé.

Ibi tí wọ́n wà nìyí: ẹ ṣí `Settings`, ẹ lọ sí `Apps`, ẹ mú áàpù tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá tẹ `Storage & cache`. Ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́ta àti àròpọ̀ wọn: `App size`, `User data`, `Cache`, àti `Total`. Àwọn nọ́ńbà yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Ká tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Nílé, tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "dátà mi ti tán", ohun tó ń sọ ni ìńtánẹ́ẹ̀tì tó rà sórí síìmù. `Data` tí Áńdíróìdì ń sọ kì í ṣe ìyẹn rárá. Ohun tí áàpù ti kọ sílẹ̀ nípa yín, tó sì fi pamọ́ sínú fóònù, ni. Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ mọ́ra, màá máa pe èyí ní *àkọsílẹ̀*, màá sì máa pe ìkejì ní *káàṣì*.

Ìwé ìwọ̀n àti bébà tí a gé

Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ìyá aránṣọ ní ìwé kan tó kọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí: àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ó tún ní àwọn bébà tó ti gé ní ìrísí aṣọ, tó fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó má bàa máa wọn nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹnì kan bá kó gbogbo bébà wọ̀nyẹn dà nù, inú ìyá yẹn kò ní dùn, àmọ́ kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ṣí ìwé rẹ̀, yóò sì gé òmíràn. Àkókò àti bébà nìkan ló ná an. Ṣùgbọ́n tí ìwé ìwọ̀n bá jóná, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ńlá. Àfi kó pe gbogbo oníbàárà padà wá láti wọ̀n wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti kó lọ sílùú mìíràn.

Káàṣì ni bébà tí a gé yẹn. Ohun tí áàpù lè tún wá, tàbí tó lè tún ṣe, ló wà níbẹ̀: àwòrán tó ti fà wálẹ̀ láti orí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé tí ẹ ti kà, àwòrán kékeré tó dúró fún fídíò. Àkọsílẹ̀ ni ìwé ìwọ̀n: orúkọ yín, ẹ̀rí pé ẹ ti wọlé, àwọn ètò tí ẹ yàn, àwọn nǹkan tí ẹ kọ, àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí áàpù fi ń dá fóònù yín mọ̀.

Nínú fóònù fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Fódà gidi ni. Áńdíróìdì dúró lórí Línúùsì, ó sì ń ṣe sí áàpù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba àyálégbé sínú ilé: olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀, ẹnì kan kò sì lè wọ yàrá ẹlòmíràn. Yàrá náà wà ní `/data/data/`, orúkọ áàpù ló sì ń tẹ̀ lé e, fún àpẹẹrẹ `/data/data/com.whatsapp`. Nínú yàrá yẹn, fódà tó ń jẹ́ `cache` àti `code_cache` ni káàṣì. Fódà `databases`, `shared_prefs` àti `files` ni àkọsílẹ̀. Áàpù náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò tí ẹ gbà láti `Play Store`, wà níbòmíràn, ní `/data/app`. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyíkéyìí nínú bọ́tìnì méjèèjì tó lè yọ áàpù kúrò tàbí dá a padà sí ẹ̀dà àtijọ́.

Mo dán an wò

Kí n má bàa kàn máa sọ̀rọ̀ lásán, mo kọ áàpù kékeré kan fún ìdánwò. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ṣe. Ó máa ń bi yín lórúkọ, á kọ ọ́ sínú `shared_prefs`. Ó máa ń gba àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ná, á kọ ọ́ sínú `databases`. Lẹ́yìn náà, ó máa ń fa àwòrán kan wálẹ̀ láti orí ìńtánẹ́ẹ̀tì, á fi í sínú `cache`. Ó tún ń béèrè fún ìyọ̀ǹda láti lo kámẹ́rà.

Nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́, tó sì ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́, Áńdíróìdì gbà mí láyè láti yọjú wo inú yàrá rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Áàpù tí ẹ gbà láti `Play Store` kò ní gbà fún yín bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà nìyí:

```
adb shell run-as ie.apeere.iwe ls
```

Ohun tó jáde nìyí:

```
cache
code_cache
databases
files
shared_prefs
```

Mo tẹ `Clear cache`. Fóònù kò béèrè ìbéèrè kankan, kò ní "ṣé ó dá yín lójú?" Nígbà tí mo padà wo inú `cache`, ó ti ṣófo. `databases` àti `shared_prefs` kò sún kúrò níbi tí wọ́n wà. Mo wá pa ìńtánẹ́ẹ̀tì fóònù náà, mo sì ṣí áàpù. Ó kí mi lórúkọ, àkọsílẹ̀ owó mi pé, àmọ́ ojú òfìfo ló wà níbi tó yẹ kí àwòrán wà. Mo tan ìńtánẹ́ẹ̀tì padà, àwòrán náà dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ohun gbogbo tí `Clear cache` ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, mo tẹ `Clear storage`. Ní tèyí, fóònù kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé ohun tí mo fẹ́ pa rẹ́ kò ní padà mọ́. Mo gbà. Ó dá áàpù náà dúró lójú ẹsẹ̀, ó sì nu yàrá rẹ̀. Orúkọ mi lọ, àkọsílẹ̀ owó lọ, àwòrán inú káàṣì náà bá wọn lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: `Clear storage` ń kó káàṣì mọ́ ọn, nítorí náà kò sí ìdí láti tẹ àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo ṣí i, ó tún bi mí pé ta ni mí, ó sì tún tọrọ ìyọ̀ǹda kámẹ́rà bíi pé a ò ríra rí. Ìyọ̀ǹda kò sí nínú yàrá áàpù, ọ̀dọ̀ ètò Áńdíróìdì fúnra rẹ̀ ló wà, àmọ́ `Clear storage` máa ń dá òun náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìkìlọ̀ àti iṣẹ́ tí áàpù ti ṣètò láti ṣe tó bá yá, bí agogo ìránnilétí, máa ń bá a lọ pẹ̀lú.

Ṣé nínu káàṣì ń mú fóònù yára?

Àwọn kan máa ń tẹ `Clear cache` ní gbogbo alẹ́ bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rò ni pé ìdọ̀tí ni. Ká sọ òótọ́, káàṣì wà kí áàpù lè yára ni. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣí áàpù yẹn lẹ́yìn náà máa lọ́ra jù ti tẹ́lẹ̀, á sì tún ná ìńtánẹ́ẹ̀tì yín láti fa ohun kan náà wálẹ̀. Ẹni tó ní Wáì-fáì nílé ní Dọ́bílìn lè má kà á sí. Àmọ́ àwọn òbí wa tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ ní Òṣogbo ń san owó fún un ni.

Ìdí mìíràn tí kò fi pọn dandan ni pé Áńdíróìdì ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Láti Áńdíróìdì 8.0, tó jáde ní 2017, ètò náà ń fún áàpù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n káàṣì tó tọ́ sí i. Nígbà tí àyè bá fẹ́ tán lórí fóònù, ọ̀dọ̀ àwọn áàpù tó ti kọjá ìwọ̀n tiwọn ló ti máa kọ́kọ́ pa fáìlì káàṣì rẹ́. Òfin tí wọ́n fún àwa tó ń kọ áàpù ni pé ohunkóhun tí a bá fi sínú `cache` lè pòórá nígbàkigbà, nítorí náà a ò gbọdọ̀ fi ohun tí kò ṣeé tún rí síbẹ̀.

Ibi tí `Clear cache` ti wúlò ní tòótọ́ ni ìgbà tí fáìlì kan níbẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ̀ ń wo áàpù ìròyìn, àwòrán kan kò jáde tán. Tàbí ojú ìwé àná ló ń gbé jáde fún yín ṣáá, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí ti òní. Ìyẹn jọ ọ̀rọ̀ káàṣì. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ṣí. Tí káàṣì bá ni, ó máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá lọ, títẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá kò ní yí nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀ báńkì ilé àti síìmù tó wà ní Ìbàdàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ `Clear storage` ti ń dun àwa tá a wà lẹ́yìn odi jù ni áàpù báńkì. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ní Tálà, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dọ́bílìn níbí, ní àkáǹtì ní báńkì kan ní Nàìjíríà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ àbúrò wọn. Lọ́jọ́ kan, áàpù báńkì náà kàn ń fi ojú funfun hàn. Ọmọ wọn ní kí wọ́n nu áàpù náà. Wọ́n wọ `Settings`, wọ́n rí bọ́tìnì méjì, wọ́n sì tẹ `Clear storage`, nítorí pé nọ́ńbà tó wà níwájú `User data` ló tóbi jù.

Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, áàpù náà kò mọ̀ wọ́n mọ́. Ó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, òun yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì. Nọ́ńbà Nàìjíríà ni. Síìmù náà wà nínú fóònù tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ìbátan wọn ní Ìbàdàn, ìbátan yẹn sì ti lọ sóko níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọjọ́ kẹta ni kóòdù tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà pé ojú funfun yẹn kì í ṣe ẹ̀bi fóònù wọn. Ọ̀dọ̀ báńkì ni nǹkan ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì padà bọ̀ sípò fún gbogbo àwọn tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kí ló dé tí áàpù náà kò fi lè rántí wọn? Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ forúkọ fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì, áàpù sábà máa ń dá kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ sínú àpótí kọ́kọ́rọ́ Áńdíróìdì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kọ́kọ́rọ́ yìí wà nínú ẹ̀yà ara fóònù kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kọ, títí kan áàpù tó ni ín. Òun ni báńkì fi ń mọ̀ pé fóònù àná náà ló tún dé. `Clear storage` máa ń pa kọ́kọ́rọ́ áàpù náà rẹ́ nínú àpótí yẹn. Owó kò lọ, àkáǹtì kò lọ, nítorí ọ̀dọ̀ báńkì ni wọ́n wà. Ẹ̀rí pé fóònù yìí jẹ́ tiyín ló lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo láti tún un ṣe sì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù tó ń fún yín ní nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé síbì kan. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni àṣírí tó fi ń ṣírò nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, tí ẹ sì tẹ `Clear storage`, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan irú áàpù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé kóòdù ìpàdàbọ̀ wà lọ́wọ́ yín lórí bébà.

Wọ́sáàpù: ibi tí àyè lọ gan-an

Ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá bọ́tìnì wọ̀nyí ni pé fóònù ti kún. Wọ́sáàpù ló sì máa ń wà lókè nínú àwọn tó gba àyè: fídíò òwàḿbẹ̀, ìwàásù, àti àwòrán "ẹ káàárọ̀" láti ọ̀dọ̀ gbogbo mọ̀lẹ́bí. Wọ́n á tẹ `Clear cache`, wọ́n á rí i pé àyè tó ṣí kò tó nǹkan, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe káàṣì. Lórí àwọn fóònù òde òní, wọ́n wà nínú fódà yìí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media
```

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá áàpù, nínú fáìlì `msgstore.db` tó wà ní `databases`. Ní gbogbo òru, Wọ́sáàpù tún máa ń ṣe ẹ̀dà kan tó ti dì ní àṣírí, ó ń fi í sínú fódà `Databases` lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Media`, ẹ̀dà ọjọ́ méje tó kẹ́yìn nìkan ló sì ń tọ́jú.

Ẹ wá wo ohun tí `Clear storage` máa ṣe níbí. Ó máa pa `msgstore.db` rẹ́, ìyẹn gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Kò sì dúró síbẹ̀: kóòdù Áńdíróìdì tó ń ṣe iṣẹ́ náà tún máa ń nu fódà tí áàpù ní lábẹ́ `Android/data` àti `Android/media`. Nítorí náà, kí ẹ má gbára lé e pé ẹ̀dà òru tó wà lórí fóònù kan náà yóò gbà yín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo `Settings`, `Chats`, `Chat backup` nínú Wọ́sáàpù, kó rí i pé ẹ̀dà òní wà lórí àkáǹtì Gúgùlù, tàbí kó da fódà `WhatsApp` kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ní síìmù nọ́ńbà tó fi ń lo Wọ́sáàpù lọ́wọ́, nítorí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi dá a mọ̀ kí ó tó lè dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Tó bá jẹ́ àyè nìkan ni ẹ̀ ń wá, ẹ ò nílò bọ́tìnì méjèèjì. Nínú Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí `Settings`, `Storage and data`, `Manage storage`. Yóò to àwọn fídíò tó tóbi jù fún yín, ẹ óò sì yan èyí tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun Màmá á wà níbẹ̀, ìwàásù wákàtí méjì á lọ.

Ohun tí `Clear storage` kò lè pa rẹ́

Àwọn kan máa ń rò ní òdìkejì pé `Clear storage` ń sọ fóònù di tuntun lójú áàpù, bí ẹni tó pa orúkọ dà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àmì ìdánimọ̀ kan wà tó ń jẹ́ `ANDROID_ID`. Láti Áńdíróìdì 8.0, áàpù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lórí fóònù kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe inú yàrá áàpù ló wà. Ọ̀dọ̀ ètò Áńdíróìdì ló wà. Bí ẹ tẹ `Clear storage`, bí ẹ tilẹ̀ yọ áàpù kúrò tí ẹ tún gbà á padà, nọ́ńbà kan náà ló máa bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí áàpù tó fún yín ní ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje fi lè sọ pé ẹ ti jẹ ẹ́ rí. Àfi tí ẹ bá dá gbogbo fóònù padà sí bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ ni nọ́ńbà yẹn á yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú wa níbí. Ní 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Leith ti Yunifásítì Tírínítì ní Dọ́bílìn gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn áàpù Gúgùlù tó bá fóònù Áńdíróìdì wá ń tọ́jú sínú rẹ̀. Ó rí i pé kúkì àti àmì ìdánimọ̀ tó jẹ mọ́ ìpolówó àti ìtọpinpin ń wọ inú fóònù, pàápàá láti ọwọ́ `Google Play Services` àti `Google Play Store`, láìsí pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù, kódà tí onítọ̀hún kò bá tíì ṣí áàpù Gúgùlù kankan rí. Ohun tí èyí kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ tòní ni pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe kìkì ohun tí ẹ̀yin kọ. Ohun tí áàpù kọ nípa yín náà wà níbẹ̀. `Clear cache` kì í sì fọwọ́ kan irú rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe inú `cache` ni wọ́n ń fi í sí.

Nǹkan kẹta tí `Clear storage` kì í dé ni ẹ̀dà tó wà lókè, lórí àkáǹtì Gúgùlù yín. Láti Áńdíróìdì 6.0, áàpù tó bá gbà bẹ́ẹ̀ lè ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tó tó mẹ́gábáìtì 25 níbẹ̀. Káàṣì kò sí lára rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá gba áàpù sórí fóònù ni ẹ̀dà yìí máa ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá tẹ `Clear storage`. Ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: tí ẹ bá tẹ `Clear storage`, áàpù máa ṣófo, á sì ṣófo náà ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò tí ẹ tún gbà á padà, ètò àtijọ́ lè padà wọlé, pẹ̀lú èyí tó bàjẹ́ tí ẹ̀ ń sá fún. Ẹni tó bá ti yọ áàpù kan lẹ́ẹ̀mẹta tí àìsàn rẹ̀ kò sì lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fura sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ?

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ wo iṣẹ́ kan náà láti ibòmíràn: lórí kọ̀ǹpútà, tàbí lórí fóònù ẹlòmíràn tó ń lo áàpù yẹn. Tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni iṣẹ́ náà ni àìsàn wà. Ẹ fi fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n wa ní Tálà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Tó bá jẹ́ fóònù yín nìkan ló ń ṣe é, ẹ dá áàpù dúró pẹ̀lú `Force stop`, kí ẹ tún un ṣí. Tí kò bá yí padà, ẹ tẹ `Clear cache`, nítorí pé kò lè gba ohun tí kò ṣeé tún rí lọ́wọ́ yín, tí ẹni tó kọ áàpù bá ti tẹ̀ lé òfin. Tí ìṣòro náà bá ṣì wà, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìgbà tí áàpù gba ẹ̀dà tuntun ló bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣí tó sì ń kú lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fáìlì kan nínú àkọsílẹ̀ má bá ẹ̀dà tuntun mu mọ́. Ibẹ̀ ni `Clear storage` ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ìka tó kan án. Ṣé mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi? Síìmù tí wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí, ṣé ó wà lọ́wọ́ mi lónìí? Ohun tí mo kọ sínú áàpù yìí, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn? Tí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ tún ìyẹn ṣe ná. Bọ́tìnì náà kò ní sá lọ.